Ìwé Tó Wà Nínú Fìlà Lábọ̀dé

Ìwé pélébé kan báyìí ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, aláwọ̀ ìyeyè, òǹtẹ̀ ìjọba wà nínú rẹ̀. Kàrìnẹ́ ni àwọn akọ̀wé ń pè é. Ẹni tí kò bá ní i lọ́wọ́, tí yóò fi hàn pé òun ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, kò ní fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ òfuurufú. Sidonie, ọmọ Lábọ̀dé, ló ni ín. Lábọ̀dé fúnra rẹ̀ ló sì yọ ọ́ nínú àpótí ọmọ náà nígbà tó ku ọ̀la kó lọ sí Kútọ̀nù, tó tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹní tó ń sùn lé.

Ẹ má tíì bú u. Àgbẹ̀ ni, ní Okpomèta lẹ́bàá Kétou, ìwà rẹ̀ sì tọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ méjì péré ló kù ú kù. Désiré, èyí ẹ̀gbọ́n, dìde lọ́jọ́ kan, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, ó gba Gàbóòn lọ. Ọdún kẹfà rèé, wọn ò rí lẹ́tà, wọn ò gbọ́ ohùn. Ìgbà tí ìjọba àwọn ológun tí wọ́n ń pe ara wọn ní Kámárádì wá mú orúkọ Sidonie pé kó wá lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà fún ọdún méje, gbogbo Okpomèta ló ń jó. Lábọ̀dé náà jó díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di òru, ó dùbúlẹ̀, ó ń ka ọdún méje lórí ìka, ó sì ń rò ó pé ọmọ tó bá lọ, ó lọ náà nìyẹn.

Bó ṣe di pé ó jí ìwé ọmọ nìyẹn. Ó rò pé bí wọn ò bá rí i, wọ́n á mú ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ní Ọjọ́bọ̀, Àlíù, awakọ̀ tó ń ná Kétou sí Kútọ̀nù, dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Gbogbo wa la mọ̀ pé awakọ̀ ni lẹ́tà wa, awakọ̀ sì ni wáyà wa. Ó ní Sidonie ní kí òun sọ fún Bàbá pé òun ò rí kàrìnẹ́ òun mọ́. Ọ̀la ni wọ́n ń lọ. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ti wọlé sí pápá ọkọ̀ òfuurufú kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Bí ó bá wà nílé, kí Bàbá jọ̀ọ́, kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú un wá.

Clémence, ìyá ọmọ, tú ilé. Ó tú àpótí, ó tú agbọ̀n, ó gbé ìkòkò kúrò láyè wọn. Lábọ̀dé jókòó sórí àpótí ìjókòó, ó ń wo obìnrin náà bó ti ń làágùn, ọ̀rọ̀ náà sì ń yí nínú rẹ̀. Nígbà tí àkùkọ kọ ìdájí Ẹtì, ó jáde sí àgbàlá, ó ní òun ti rí i, ẹ̀yìn àpótí ló já sí. Clémence wò ó títí. Ó wọlé, ó mú agbádá funfun rẹ̀ jáde àti fìlà rẹ̀ tí wọ́n kó iṣẹ́ sí létí, ó kó o fún un.

Nínú fìlà ni Lábọ̀dé fi ìwé náà sí. Ó ká a sí méjì, ó tẹ́ ẹ sórí irun, ó wá de fìlà lé e mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí àwọn àgbà Okpomèta ti ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá ń mú ìwé pàtàkì rìn. Wọ́n ní olè ìlú ńlá mọ ọ̀nà àpò, ṣùgbọ́n ta ni yóò na ọwọ́ sí orí àgbàlagbà?

Ọkọ̀ Àlíù gbéra láti Kétou kí ojúmọ́ tó mọ́. Pẹjò àtijọ́ ni, ènìyàn mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀. Òjò oṣù kẹsàn-án ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀. Àwọn ṣándáámù, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, dá wọn dúró ní Pobè, wọ́n tún dá wọn dúró lẹ́yìn Sakété. Síbẹ̀ aago méjìlá kò tíì lù tí wọ́n fi kọjá Porto-Novo, tí wọ́n já sí Akpakpa, ìyẹn apá ìlà-oòrùn Kútọ̀nù. Lábọ̀dé ń wúre lábẹ́lẹ̀, ó ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lé ọmọ lórí: kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣì í, kí omi tó bá mu má ṣe é, kó lọ ire kó bọ̀ ire. Ó tò ó títí ó fi dán.

Ibẹ̀ ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti mú wọn.

Ẹni tó bá mọ Kútọ̀nù mọ̀ pé omi ọ̀sà ló là á sí méjì. Afárá méjì ló wà lórí rẹ̀, èyí tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Dantokpa, àti èyí àtijọ́ nítòsí òkun, tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá. Ẹni tó bá wà ní Akpakpa kò ní ọ̀nà mìíràn. Lọ́jọ́ náà, àlejò ìjọba kan ń bọ̀ láti òkèèrè. Wọ́n ti kó àwọn ọmọdé jáde pẹ̀lú àsíá, wọ́n ti ti ọ̀nà ńlá etí òkun pa, àwọn ọlọ́pàá sì dúró sí ẹnu afárá méjèèjì. Ọkọ̀ tò láti ẹnu afárá títí tí ojú kò fi rí ìdí rẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀sì ló wà níwájú Àlíù, ọkọ̀ ẹja ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó pa ẹ́ńjìnì.

Wákàtí kan dín díẹ̀ kọjá. Wọn ò sún ju gígùn ilé mẹ́ta lọ.

Àlíù yí ojú sẹ́yìn. “Bàbá, n ò ní tan yín. Bí a bá jókòó síbí, a ò ní kọjá kí aago mẹ́rin tó lù.”

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tí kò dùn ún sọ. Nígbà tí Lábọ̀dé gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ti àga. Ó ti gbéra láti ìdájí, ó ti wọ agbádá, ìwé ń bẹ lórí rẹ̀. Kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ kó ṣe? Bí aago méjì bá kọjá, ọmọ á padà wálé, kò sì ní sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ló ṣe é. Ìjọba ló ṣe é. Ohun tó fẹ́ láti ọjọ́ tó ti jí ìwé náà ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sì ní parọ́ kankan mọ́.

Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Rùkáyátù lórúkọ rẹ̀, ó ń ta aṣọ ní Pobè. Láti òwúrọ̀ ni Lábọ̀dé ti sọ ìrìn àjò rẹ̀ fún un, ó sì ti ń ṣàánú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan apá rẹ̀.

“Bàbá, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ẹ ti sa ipá yín. Ta ni yóò bá yín wí? Bàbá tó bá ṣe tó báyìí nítorí ọmọ, ó ti ṣe é tán.”

Inú rere ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Lábọ̀dé ń jẹ lẹ́nu ní kọ̀rọ̀ ni obìnrin náà gbé jáde sí gbangba, ó sì korò. Bàbá tó ṣe tó báyìí nítorí ọmọ. Ìtìjú mú un débi pé kò lè wo ojú rẹ̀. Ó rántí Clémence pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́, tó ń wo ìdí rẹ̀ bóyá ìwé wà níbẹ̀.

“Àlíù,” ó ní, “ṣí ilẹ̀kùn fún mi.”

“Ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn, Bàbá? Pápá ọkọ̀ òfuurufú wà ní òpin ìlú lọ́hùn-ún.”

“Ṣí ilẹ̀kùn.”

Àlíù bọ́ sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ sí ẹnìkan tó gúnlẹ̀ sábẹ́ igi. Alùpùpù akérò ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní sémíjàn. Wọn ò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà. Ràmọ́nù ni orúkọ èyí, ọmọ Porto-Novo tó gbọ́ Nàgó, olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó ti iléèwé pa lọ́dún náà nítorí ìyanṣẹ́lódì. Wọ́n dá iye lé e kó tó gùn ún, nítorí pé lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti gùn ún, ẹnu awakọ̀ ló kù.

“Bàbá, ẹ ká agbádá yẹn sí èjìká, kí ẹ sì jókòó lé etí rẹ̀,” Ràmọ́nù ní. “Ṣéènì máa ń jẹ aṣọ. Ẹ má fi ojúgun kan páìpù èéfín ní apá ọ̀tún, ó gbóná. Bí mo bá tẹ̀, kí ẹ bá mi tẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di èjìká mi mú.”

Lábọ̀dé fi ọwọ́ òsì dì í mú. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí fìlà.

“Ọwọ́ méjèèjì, Bàbá.”

“Máa lọ.”

Ràmọ́nù kò tilẹ̀ wo ọ̀nà ńlá. Ó yọ láàárín bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ẹja, ó wọ ọ̀nà ẹ̀bùrú kan tí yanrìn rẹ̀ funfun, ó já sẹ́yìn iléeṣẹ́ kan, ó tún yà. Ohun tó ń wò kì í ṣe ọ̀nà, ẹsẹ̀ àwọn tó ń bọ̀ lódìkejì ni. Bí ó bá rí alùpùpù tí ẹrẹ̀ kan ìdajì táyà rẹ̀, ó mọ̀ pé adágún wà níwájú, á sì gba ibòmíràn. Níbi tí kò sí ibòmíràn, ó fi í sí jíà kìíní, ó di iná mú láìfi sílẹ̀ kí omi má bàa gba páìpù wọlé, ó sì ní kí Bàbá gbé ẹsẹ̀ sókè. Lábọ̀dé gbé ẹsẹ̀ sókè. Àgbàlagbà ọlọ́gọ́ta ọdún, agbádá ní èjìká, ẹsẹ̀ méjèèjì lófuurufú. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja lẹ́nu ọ̀nà kí i kú ìrìn, kò sì ráyè dá wọn lóhùn. Ní Okpomèta, ìyẹn ì bá di ẹjọ́.

Wọ́n já sí ìdí afárá àtijọ́. Ọlọ́pàá na ọ̀pá sí wọn. Ohunkóhun tó bá ní táyà kò gbọdọ̀ kọjá, ẹsẹ̀ nìkan.

“Mo mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyí,” Ràmọ́nù ní. “Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Bàbá. Ẹ rìn kọjá. Ẹ ó bá àwọn ẹgbẹ́ mi lódìkejì, wọ́n mọ̀ pé àwọn èèyàn yóò máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀, wọ́n ti ń dúró. Ẹ má gba ti ẹni tó bá ní òun ó gba etí òkun. Wọ́n ti tì í. Ẹ ní kó gba àdúgbò Zongo.”

Lábọ̀dé dúpẹ́, ó bọ́ sórí afárá.

Kò gùn. Ẹni tó bá ń gbé ẹrù lọ sọ́jà kò ní kà á sí ìrìn. Àwọn èèyàn tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ìyá arúgbó kan ń lọ níwájú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì sí bí yóò ṣe ré e kọjá. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́. Ó fi ọwọ́ di fìlà mú, ó ń wo omi nísàlẹ̀, ó wá ń rò ó pé ibí ni Désiré gbà lọ. Ibi tí Désiré dúró kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi kò jìnnà sí ibẹ̀. Kí ló dé tí ọmọ náà kò fi dágbére? Láti ọdún mẹ́fà ni ó ti ń sọ pé ìwà ọmọ ni kò dáa. Lórí afárá yẹn, láàárín èrò, ló kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé bó bá dágbére ńkọ́, kí ni òun ì bá ṣe? Ó mọ èsì rẹ̀. Nǹkan Désiré náà ni òun ì bá wá lọ fi pamọ́. Ó dùn ún gan-an. Ó sì ń rìn.

Lódìkejì, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, àwọn sémíjàn tò bí Ràmọ́nù ti sọ. Ọmọ Fọ̀n kan ló gbé e. Lábọ̀dé gbọ́ Fọ̀n díẹ̀ láti ọjà Adakplamè, ó ní Zongo ni kó gbà, ó ní aago mélòó ló lù. Ọmọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀: aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Ó ní kí Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di òun mú. Lábọ̀dé tún fi ẹyọ kan dì í mú.

Ó dára títí wọ́n fi kọjá Zongo. Nínú ọ̀nà tóóró kan tí òjò ti gbẹ́, táyà iwájú kó sí kòtò, alùpùpù fò, Lábọ̀dé náà fò. Nígbà tí ìdí rẹ̀ máa fi padà sórí àga, ọwọ́ méjèèjì ló fi so mọ́ ọmọ Fọ̀n náà lọ́rùn. Atẹ́gùn kan orí rẹ̀. Orí rẹ̀ lásán ni.

“Dúró. Dúró, fìlà mi.”

Ọmọkùnrin náà tẹ bíréèkì, ó ní fìlà ni ó fẹ́ tìtorí ẹ̀ pàdánù àkókò? Lábọ̀dé kò dá a lóhùn, ó ti ń sáré padà. Ó rí fìlà náà tó ń léfòó lọ nínú gọ́tà, ó ti sún mọ́ ibi tí gọ́tà wọ abẹ́ ilé. Ìwé náà ti já bọ́ nínú rẹ̀, ó dojú délẹ̀ nínú adágún lọ́tọ̀. Ọ̀kan ló lè mú. Ó wọ adágún títí dé orúnkún, ó gbé ìwé. Nígbà tó gbójú sókè, fìlà ti lọ.

Ó ṣí ìwé náà. Òǹtẹ̀ ti tàn ká. Níbi tí dókítà ti fọwọ́ sí, àwọ̀ búlúù lásán ló kù. Ó fi agbádá nù ún, ó túbọ̀ bàjẹ́ sí i. Àpò agbádá tí kò fọkàn tán nítorí olè, gbígbẹ ni gbogbo inú rẹ̀ wà.

“Ká máa lọ, Bàbá?” ọmọkùnrin náà bi í jẹ́jẹ́.

“Ká máa lọ,” Lábọ̀dé ní, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí ènìyàn lè sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi ìwé sínú bùbá mọ́ àyà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Wọ́n gba ẹ̀yìn Cadjèhoun já sí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Aago méjì ti kọjá díẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń lọ sí Rọ́ṣíà ti wọlé, àwọn òbí wọn ti ń padà. Lábọ̀dé wo iwájú ilé náà, kò rí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Lẹ́yìn náà ló rí i. Sidonie nìkan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, báàgì rẹ̀ wà nílẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà ńlá tí ọkọ̀ ń gbà bọ̀. Kò ro ti ọ̀nà ẹ̀bùrú, bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

“Sidonie.”

Ọmọ náà yí padà. Ó rí orí rẹ̀ tó wà lásán, ó rí agbádá tó kún fún ẹrẹ̀. Ó kúnlẹ̀. “Ẹ kú ìrìn, Bàbá.”

Lábọ̀dé ti mọ irọ́ tó fẹ́ pa. Ẹ̀yìn àpótí ló já sí. Ó ti pa á fún Clémence, kò wúwo lẹ́nu. Ó na ìwé náà síwájú, omi ń kán lára rẹ̀.

“Èmi ni mo jí i,” ó ní. “Èmi ni mo fi sábẹ́ ẹní. Nígbà tí mo sì ń mú un bọ̀, mo tún jẹ́ kó já sómi. Mo ti bà á jẹ́. Má bínú sí mi, ọmọ mi.”

“Mo mọ̀, Bàbá.”

“O mọ kí ni?”

“Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń bọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbá yàrá yín, ẹ ò jẹ́ kí n wọlé gbá a. Ẹ ò di ìgbálẹ̀ mú rí láyé yín.” Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìwé mìíràn jáde. Aláwọ̀ ìyeyè ni, ó gbẹ, òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ rekete. “Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti kọ òmíràn fún mi. Orúkọ mi wà nínú ìwé ńlá wọn níbi tí mo ti gba abẹ́rẹ́.”

Lábọ̀dé wo ìwé gbígbẹ, ó wo tirẹ̀. “Kí ló wá dé tí o rán Àlíù sí mi?”

“Mo fẹ́ kí ẹ mú un wá fúnra yín. N ò fẹ́ lọ bí Désiré ti lọ.”

“Ká ní n kò wá ńkọ́? Ká ní mo jókòó sínú ọkọ̀ Àlíù?”

Ọkùnrin kan yọ orí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó pe orúkọ rẹ̀, ó ní ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí, òun ò ní pè é mọ́.

“Ẹ̀yin náà ti rí i, Bàbá,” Sidonie ní. “Gbogbo wọn ti wọlé. Èmi nìkan ló kù níta.”

Ìgbà yẹn ló yé Lábọ̀dé. Ìwé tó jí kò dá ọmọ dúró rárá. Jíjókòó rẹ̀ nínú ọkọ̀, tó fi ẹ̀yìn ti àga, ni ì bá dá a dúró. Ì bá mú un padà wá sí Okpomèta ní tòótọ́, òun ì bá sì máa wò ó lójoojúmọ́, ì bá máa sọ fún un pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni.

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò láti Porto-Novo, ó wá a, kò rí ọ̀kan ṣoṣo.

“Máa kọ̀wé sí mi,” ó ní.

“Ta ni yóò máa kà á fún yín?”

“N ó wá ẹni tí yóò kà á.”

Sidonie dìde. Kó tó gbé báàgì, ó gba ìwé tútù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ orí rẹ̀ wé e, ó sì kó òun náà sínú báàgì. Ó wọlé. Lábọ̀dé dúró síbẹ̀ lórí lásán títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn.